Mọ́ínmọ́ín Inú Ìpínrọ̀ Kan: Bí A Ṣe Ń Tú Ìlànà Ìsè Sí Àtẹ Èròjà àti Ìgbésẹ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe ń sè é gan-an. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, kí ẹni tí kò sí níbi ìdáná wa lè sè é kó sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bírò àti ìwé kan sí tòsí.

Ẹ mọ bí ó ṣe ń rí lórí Wọ́sáàpù ẹbí. Ẹnì kan béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, báwo lẹ ṣe ń se mọ́ínmọ́ín yẹn?” Àǹtí kan tó mọ̀ ọ́n sè dáadáa á sì kọ èsì. Wọ́n á kọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn á máa gun orí gbólóhùn, kò sí àlàfo, kò sí nọ́ńbà. Ẹlòmíràn á dà á kọ sínú ẹgbẹ́ mìíràn, ibi tí ìlà ti pín tẹ́lẹ̀ á tún so pọ̀. Nígbà tí ó bá fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó fẹ́ fi dáná lọ́jọ́ Sátidé, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ọwọ́ ọmọ yìí ti wà nínú ẹ̀wà, ó ń fi ìka tí ata ti kùn yí ojú fóònù sókè sódò láti wá ibi tí ó kà dé.

Ẹ jẹ́ kí n ka irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ kan fún yín. Èmi ni mo to ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ fún ètò yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù yóò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an nìyí:

“Ẹ bó ẹ̀wà agolo mílíìkì mẹ́ta kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo méjì àti àlùbọ́sà kan kó kúnná, ẹ fi omi sí i níwọ̀nba, lẹ́yìn náà ẹ da òróró, magí méjì, iyọ̀ àti edé sí i, ẹ gé àlùbọ́sà yòókù sí i kí ẹ sì pò ó dáadáa, ẹ ó ti rẹ ẹ̀wà náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó bó o o, ẹ wá pọ́n ọn sínú ewé, ẹyin sísè mẹ́rin ni kí ẹ gé sí méjì-méjì, ìlàjì kan nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ tò ó sínú ìkòkò tí omi rẹ̀ ti ń hó, ẹ sè é fún wákàtí kan, ẹ máa bu omi gbígbóná sí i, tí ẹ bá sì fẹ́ kó dùn, omi ẹran ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́ dípò omi lásán.”

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo kà yìí. Ẹni tí ó ti ń se mọ́ínmọ́ín láti kékeré yóò kà á, yóò sì sè é láìsí wàhálà, torí pé ó ti mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni ìpínrọ̀ náà yóò pọ́n lójú. Yóò ti bó ẹ̀wà gbígbẹ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi máa ro ó kí ó tó kà dé ibi tí wọ́n ti ní kí ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́. Yóò ti fi omi ẹ̀rọ lọ ẹ̀wà tán kí ó tó gbọ́ pé omi ẹran ló dùn jù. Yóò ti pọ́n gbogbo rẹ̀ tán, kí ó tó rántí pé ẹyin wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti sè é, àti pé inú ewé ló yẹ kó ti wà kí ewé tó padé.

Ohun tí ó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ni ìlànà ìsè ń ṣe, àkókò tí a sì ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ara wọn. Èkíní, ó ń sọ ohun tí a ó rà, èyí tí a ń kà lọ́jà tàbí níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Èkejì, ó ń sọ ohun tí a ó ṣe, èyí tí a ń kà níwájú iná. Ìpínrọ̀ kan po méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ń kọ ìwé ìdáná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bá ìṣòro yìí jà fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1845 ni Eliza Acton gbé ìwé ìdáná rẹ̀ jáde. Ó to àwọn èròjà àti ìwọ̀n wọn jọ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìparí ìlànà kọ̀ọ̀kan ló fi wọ́n sí. Ní ọdún 1861, nínú ìwé Isabella Beeton, èròjà wá ṣáájú, ìsè tẹ̀lé e. Bí ìwé ìdáná ṣe wá ń rí káàkiri ayé nìyẹn, kò sì sí ìdí tí tiwa kò fi ní rí bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ọ̀bẹ lásán ni, pé kí a ṣáà gé ìpínrọ̀ sí wẹ́wẹ́ níbi tí àmì ìdánudúró bá wà. Bí ẹ bá gé e bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ kìíní yóò ṣì máa jẹ́ “bó ẹ̀wà”, ìgbésẹ̀ kẹjọ yóò sì máa jẹ́ “ẹ ó ti rẹ ẹ̀wà náà”. Ẹ ti fi nọ́ńbà sí ìdàrúdàpọ̀ nìyẹn, ẹ kò tíì tú u.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n ka ìpínrọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ méjì. Ní kíkà àkọ́kọ́, ẹ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ọwọ́ lè dì mú tí yóò wọ inú ìkòkò tàbí tí yóò kan oúnjẹ: ẹ̀wà, tàtàṣé, ata rodo, àlùbọ́sà, omi, òróró, magí, iyọ̀, edé, ewé, ẹyin, omi ẹran. Nígbà kejì, ẹ fi bírò búlúù yí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ po: bó, lọ̀, dà, gé, pò, rẹ, pọ́n, tò, sè, bu. Àwọn tó ní àlà pupa ń lọ sínú àtẹ. Àwọn tí búlúù yí po ló ń lọ sínú ìgbésẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé “sísè” tó wà lára ẹyin, iṣẹ́ ni òun náà, ó kàn fara pamọ́ bí ẹni pé àpèjúwe ni. Ẹ yí i po. Ibẹ̀ ni ìgbésẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ.

Ẹ wá ya àtẹ sórí ìwé yín. Òpó mẹ́ta tó: orúkọ èròjà, iye rẹ̀, àti ohun tí a ó ti ṣe sí i kí ó tó wúlò. Òpó kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì. Ẹ̀wà agolo mẹ́ta tí a wọ̀n ní gbígbẹ yàtọ̀ sí ẹ̀wà agolo mẹ́ta tí a wọ̀n lẹ́yìn tí a ti bó o, torí pé ẹ̀wà tó ti mu omi máa ń wú. Bí ẹ bá kọ “ẹ̀wà bíbó, agolo 3”, ẹ ti dín ẹ̀wà kù láìmọ̀, omi àti ata yóò sì pọ̀ jù fún un. Nítorí náà, ẹ kọ iye ohun tí a rà síbi iye, kí ẹ sì kọ ohun tí a ṣe sí i sí òpó tirẹ̀.

Ètò wo ni kí ìlà tẹ̀lé? Ẹ má ṣe tò ó bí álífábẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì fi èyí tó wọ́n lówó jù ṣáájú. Ẹ tò ó bí a ó ṣe lò ó. Bí ẹni tó ń dáná bá lo ẹ̀wà tán, ohun tó kàn lórí àtẹ ni kó jẹ́ ohun tó kàn lọ́wọ́.

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà rè é. Bí ẹ bá ti ń kọ iye sí iwájú èròjà kọ̀ọ̀kan, àwọn àyè kan yóò ṣófo. Ẹ wo àlùbọ́sà. Ìpínrọ̀ ní kí a lọ ọ̀kan, kí a sì gé “yòókù”. Yòókù nínú mélòó? Wọn kò sọ. Ẹ wo òróró, kò sí iye kankan. Iyọ̀ àti edé náà bẹ́ẹ̀. Ewé mélòó? Omi “níwọ̀nba” ńkọ́? Nínú ìpínrọ̀, ojú máa ń yẹra fún ihò wọ̀nyí torí pé gbólóhùn ń ṣàn lọ, etí sì gbà á. Lórí àtẹ, kò síbi tí yóò sá sí, ojúlé kan ṣófo láàárín àwọn tó kún.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ṣe fi àbá ara yín dí i. Ẹni tó ń tún ìlànà ẹlòmíràn tò kò ní ẹ̀tọ́ láti dá ìwọ̀n sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá kọ “òróró, agolo 1” torí pé ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú yín, ẹni tó bá kà á yóò gbà pé àǹtí ló sọ bẹ́ẹ̀, kò ní mọ̀ pé àbá ni. Ẹ fi àmì ìbéèrè sí i, kí ẹ padà lọ bá ẹni tó kọ ọ́. Ìbéèrè yín yóò sì ṣe tààrà báyìí. Dípò kí ẹ ní “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ túbọ̀ ṣàlàyé,” ẹ ó ní “Àǹtí, àlùbọ́sà mélòó lápapọ̀? Òróró tó agolo mélòó? Omi tí ẹ fi ń lọ ẹ̀wà ńkọ́?” Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rọrùn láti dáhùn.

Àwọn àyè kan wà tí ìpínrọ̀ fúnra rẹ̀ lè dáhùn bí a bá ronú sí i. Ẹyin mẹ́rin, a gé wọn sí méjì-méjì, ìlàjì mẹ́jọ nìyẹn. Ìlàjì kan nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó túmọ̀ sí pé mọ́ínmọ́ín mẹ́jọ ni ìlànà yìí ń mú jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò síbi tí wọ́n ti sọ ọ́. Láti ibẹ̀ a lè mọ ewé: bí ẹ bá ń fi ewé eéran méjì tàbí mẹ́ta pọ́n ẹyọ kan, bó ṣe tóbi tó, ẹ nílò ewé 16 sí 24, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e fún èyí tó bá ya. Èyí kì í ṣe àbá, ìṣirò ni, ó sì yẹ kí ẹ kọ iye ẹyọ náà sókè àtẹ: “Ó tó mọ́ínmọ́ín 8.”

Èròjà tí a ń lò ju ìgbà kan lọ ni ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Omi nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wọ inú ìlànà yìí: omi tí a fi rẹ ẹ̀wà, omi tí a fi lọ̀ ọ́, omi inú ìkòkò, àti omi gbígbóná tí a ń bù sí i. Àkọ́kọ́, ìkẹta àti ìkẹrin kò nílò ìwọ̀n, wọn kò wọ inú oúnjẹ. Èkejì ni ìwọ̀n rẹ̀ le jù nínú gbogbo ìlànà náà, torí òun ló ń sọ bóyá mọ́ínmọ́ín yóò le bí òkúta tàbí kò ní dì rárá. Nítorí náà, ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀. Bí èròjà kan bá pín sí méjì, bí àlùbọ́sà, ẹ kọ àpapọ̀ síbi iye kí ẹni tó ń lọ sọ́jà lè rà á tó, kí ẹ wá kọ bó ṣe pín sí òpó kẹta.

Ká gbà pé àǹtí ti dáhùn. Wọ́n ní àlùbọ́sà méjì ni lápapọ̀, òróró ìdajì agolo mílíìkì, edé lílọ̀ ṣíbí ìjẹun méjì. Omi tàbí omi ẹran agolo mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, ẹ̀kẹta ni wọ́n ń fi sí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pò ó. Iyọ̀, wọ́n ní ojú ni wọ́n fi ń wò ó, torí pé omi ẹran máa ń ní iyọ̀ tirẹ̀, ó sì ń yàtọ̀ lójoojúmọ́. Ìdáhùn gidi nìyẹn náà. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àtẹ wa rèé, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á nínú ìwé yóò rí i bó ṣe rí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, èmi yóò kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Mọ́ínmọ́ín (ó tó ẹyọ 8)

| Èròjà | Iye | Bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀ |
|---|---|---|
| Ẹ̀wà gbígbẹ | agolo mílíìkì 3 | rẹ ẹ́, bó o |
| Ẹyin | 4 | sè é kó le, bó o, gé e sí méjì-méjì |
| Tàtàṣé | 3 | fọ̀ ọ́, yọ kóró inú rẹ̀ |
| Ata rodo | 2 | fọ̀ ọ́ |
| Àlùbọ́sà | 2 | 1 fún lílọ̀, 1 ní gígé wẹ́wẹ́ |
| Omi ẹran tàbí omi lásán | agolo mílíìkì 3 | 2 fún lílọ̀, 1 fún pípò |
| Ewé eéran | 16 sí 24 | fọ̀ ọ́, gé igi rẹ̀ sọ́tọ̀ |
| Òróró | ìdajì agolo mílíìkì | |
| Magí | 2 | fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ |
| Edé lílọ̀ | ṣíbí ìjẹun 2 | |
| Iyọ̀ | bí omi ẹran bá ṣe níyọ̀ sí | |

Kí a tó kúrò lórí àtẹ, ọ̀rọ̀ agolo. Agolo mílíìkì, dérìcà àti kóńgò ni ìwọ̀n tí a mọ̀ lọ́jà wa, kò sì sí ohun tó burú nínú kí a fi wọ́n kọ ìlànà. Ṣùgbọ́n agolo kan kì í tó èkejì, òmíràn ti tẹ̀ wọnú, àwọn kan máa ń wọ̀n ọ́n gègèrè, àwọn mìíràn á fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bo ìlànà ni pé agolo kan náà ni ẹ fi wọn ẹ̀wà, omi àti òróró. Bí agolo yín bá kéré, gbogbo wọn yóò kéré pọ̀, mọ́ínmọ́ín yóò ṣì dára. Àfi bí ẹ bá fi dérìcà wọn ẹ̀wà, tí ẹ fi kọ́ọ̀pù wọn omi. Bí ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé ẹ̀wà agolo mẹ́ta yín sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ iye gíráàmù tí ó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tán.

Ó wá kan ìgbésẹ̀. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé níbí kò pọ̀. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni kó wà ṣáájú, ibi yòówù kí ẹni tó kọ ọ́ fi sí. Gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ ó ti”, “ẹ má gbàgbé pé” tàbí “kí ẹ tó”, òkè ni àyè rẹ̀ wà, ẹ gbé e lọ. Èkejì ni pé ìgbésẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè rántí lọ bí ó bá gbé ojú kúrò lára ìwé. Èyí tó kẹ́yìn, tí mo sì fẹ́ràn jù, ni pé ibi tí àkókò bá wà, ẹ kọ ohun tí ojú yóò rí mọ́ ọn. “Wákàtí kan” lórí sítóóvù gáàsì àti lórí iná igi kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n àárín mọ́ínmọ́ín tó ti dì, ibi gbogbo ló ti ń rí bákan náà.

1. Da ẹ̀wà sínú omi tútù, jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú, títí èèpo rẹ̀ yóò fi máa yọ bí o bá fi ọwọ́ ra á.
2. Bí ẹ̀wà ṣe wà nínú omi, se ẹyin kó le. Bó o, gé e sí méjì-méjì.
3. Bó ẹ̀wà, kí o sì ṣàn án títí kò fi ní sí èèpo mọ́.
4. Lọ ẹ̀wà, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà 1 pẹ̀lú omi ẹran agolo 2, kó kúnná.
5. Tẹ́ igi ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, bu omi sí i kí ó má bo igi náà tán, gbé e kaná, kí omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó.
6. Da òróró, magí, edé àti àlùbọ́sà gígé sínú ẹ̀wà lílọ̀, kí o sì pò ó.
7. Fi omi ẹran agolo 1 tó kù sí i díẹ̀díẹ̀, máa pò ó, títí yóò fi máa ṣàn láti ojú ṣíbí láìdúró. Fi iyọ̀ sí i bó bá ṣe yẹ.
8. Ká ewé, bu ẹ̀wà sí i, fi ìlàjì ẹyin 1 sí i, kí o tó pa ẹnu rẹ̀ dé.
9. Tò ó sórí igi nínú ìkòkò tí omi ń hó, dé e, sè é fún wákàtí 1.
10. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí náà, bu omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, má ṣe bù ú sórí ewé.
11. Tú ẹyọ 1, fi ọ̀bẹ la àárín rẹ̀. Bí ó bá dì, tí ọ̀bẹ jáde láìsí ẹ̀wà tútù lára rẹ̀, ó ti jinná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dé e padà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìpínrọ̀ wa. Rírẹ ẹ̀wà ti gòkè wá síbi kìíní. Ẹyin sísè ti di iṣẹ́, ó sì bọ́ sínú àkókò tí a fi ń dúró de ẹ̀wà, kò jẹ wá ní ìṣẹ́jú kankan. Omi ẹran tó wà ní ìparí pátápátá ti padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin. Ìkòkò ti wà lórí iná kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, torí pé ìpínrọ̀ ní “tí omi rẹ̀ ti ń hó” láìsọ ìgbà tí a gbé e kaná. Ìgbésẹ̀ kọkànlá, èmi ni mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sè é fún títà. Bí ẹ bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kún ìlànà ẹlòmíràn, ẹ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ fi kún un.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ìka lé ìlà kìíní àtẹ, kí ẹ wá a nínú ìgbésẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ fàmì sí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé iyọ̀. Ìlà tí kò bá ní àmì, ẹ ní kí wọ́n rà á láìsọ ìgbà tí wọn yóò lò ó. Edé ló máa ń sọnù báyìí jù. Ẹ wá yí i padà, ẹ ti ìgbésẹ̀ lọ sí àtẹ. Ohun tó bá wà nínú ìgbésẹ̀ tí kò sí lórí àtẹ, ẹni tó ń dáná yóò dé ibẹ̀, yóò sì bá ọwọ́ òfo. Ewé ló sábà máa ń ṣe èyí, nítorí ẹnikẹ́ni kì í ka ewé mọ́ èròjà, àfi ọjọ́ tí kò bá sí nílé.

Bí ìnáwó bá dé, àtẹ yìí yóò tún ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ká ní ẹ fẹ́ mọ́ínmọ́ín 40 fún ìkómọ. Ọ̀nà márùn-ún ni 40 fi ju 8 lọ. Ẹ̀wà yóò di agolo 15, ẹyin 20, tàtàṣé 15, àlùbọ́sà 10, òróró agolo méjì ààbọ̀. Ẹ lè ṣe ìṣirò yìí lórí òpó kejì láàárín ìṣẹ́jú méjì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọkàn balẹ̀ ṣe nínú ìpínrọ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ nìkan ni kí ẹ sọ di púpọ̀. Wákàtí 1 kì í di wákàtí 5. Ìkòkò tó kún yóò pẹ́ díẹ̀ sí i, ìgbésẹ̀ kọkànlá ni yóò sì sọ fún yín ìgbà tó tó. Ata rodo náà, ẹ má kọ́kọ́ fi gbogbo 10 sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 7, torí ata kan kì í ta bí èkejì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Nínú `Word`, ẹ lẹ ìpínrọ̀ náà mọ́ ojú ìwé, kí ẹ tẹ `Ctrl+H`. Ìpínrọ̀ tiwa, àmì ìdánudúró díẹ̀ ló pín in, nítorí náà ẹ tẹ àmì náà àti àlàfo kan sínú `Find what`, kí ẹ tẹ `^p` sínú `Replace with`, kí ẹ wá tẹ `Replace All`. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sórí ìlà tirẹ̀, ẹ ó lè máa gbé wọn sókè sódò. Èyí kò tíì tú ìlànà o, ó kàn là á ni kí ọwọ́ yín lè tẹ̀ ẹ́. Ó sì máa là á níbi tí kò yẹ, bíi àárín tàtàṣé àti ata rodo, ẹ ó so ìyẹn padà fúnra yín.

Fún àtẹ, ẹ kọ èròjà kọ̀ọ̀kan sórí ìlà kan, kí ẹ fi àmì `;` pín òpó:

```
Ẹ̀wà gbígbẹ; agolo mílíìkì 3; rẹ ẹ́, bó o
Ẹyin; 4; sè é kó le, bó o, gé e sí méjì-méjì
Òróró; ìdajì agolo mílíìkì;
```

Ẹ yan gbogbo rẹ̀, ẹ lọ sí `Insert`, `Table`, `Convert Text to Table`, kí ẹ tẹ `;` sínú àpótí `Other`. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má lo àmì ìdánudúró díẹ̀ níbí ni pé ó ti wà nínú òpó kẹta, láàárín “rẹ ẹ́” àti “bó o”. Bí òun bá ni ẹ fi pín in, ìlà ẹ̀wà yóò kún òpó mẹ́rin, ti òróró yóò kún méjì péré, àtẹ yóò wó. Bí ẹ bá rí àtẹ tí òpó rẹ̀ kò dọ́gba, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Wọ́sáàpù kò ní àtẹ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2024 ni ó ti ń gba ìlà oní-nọ́ńbà: bí ẹ bá tẹ `1.` àti àlàfo ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ìlà tó tẹ̀lé e yóò gba nọ́ńbà tirẹ̀. Fún èròjà, ẹ tẹ `-` àti àlàfo, kí ẹ kọ iye ṣáájú orúkọ. Ẹ fi èròjà ránṣẹ́ ní àtẹ̀jíṣẹ́ kan, ìgbésẹ̀ ní òmíràn, kí ẹni tó wà lọ́jà má baà máa yí ìgbésẹ̀ mọ́kànlá kọjá kó tó rí edé. Bí ẹ bá fẹ́ kí àtẹ wà bó ṣe wà, ẹ fi ìwé `Word` náà ránṣẹ́ bíi `PDF`.

Mo bẹ̀ yín, ẹ wá ìlànà kan tó wà lórí fóònù yín ní ìpínrọ̀ kan, ti ìyá yín tàbí ti àǹtí yín, kí ẹ tú u lọ́sẹ̀ yìí. Ibi tí òpó kejì bá ṣófo, ẹ pè wọ́n lónìí kí ẹ béèrè, nígbà tí wọ́n ṣì wà láti dáhùn.